Ẹ̀yin tó ń dá ronú, ẹ gbìyànjú ìbéèrè òdì

Ẹ̀yin ará, tí ẹ bá ń dá wá èrò tuntun, ẹ má tètè sáré lọ ya àwòrán èrò, èyí tí a ń kọ ọ̀rọ̀ kan sí àárín ìwé tí a sì ń fa ẹ̀ka jáde lára rẹ̀. Ó dára fún títo ohun tí a ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó dá wà á kàn máa fa ẹ̀ka ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìbéèrè òdì, èyí tí a fi ń béèrè bí a ṣe lè ba nǹkan jẹ́ dípò bí a ṣe lè tún un ṣe, ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹ ń kọ́ èèyàn ní iṣẹ́ ìránṣọ, wọn kì í sì í padà wá lẹ́yìn ọjọ́ kìíní. Ẹ bi ara yín pé: "Kí ni mo lè ṣe kí ẹnikẹ́ni má padà wá?" Ẹ fi ìṣẹ́jú 10 kọ ìdáhùn, ẹ má pa nǹkan kan rẹ́. "Kí n fi wákàtí 2 ka orúkọ irinṣẹ́. Kí n má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́." Ẹ wá yí wọn padà sí òdìkejì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: lọ́jọ́ kìíní, kálukú á rán àpò kékeré kan mú lọ sílé. Ìdáhùn bíi "kí n má ṣe dáadáa" kò ṣeé yí padà. Ohun tí ojú lè rí ni kí ẹ kọ. Ẹ sàmì sí èyí tí ẹ ti ń ṣe gan-an. (Tèmi máa ń tì mí lójú.)

Bí ìyẹn náà bá gbẹ, ẹ so ọ̀rọ̀ tí kò bá iṣẹ́ yín tan mọ́ ìṣòro yín: ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ dijú fi ìka lé ọ̀rọ̀ kan. Ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ títí ẹ ó fi rí èrò 3, torí àwa tó ń dá ṣe é a máa ń ṣa èyí tó rọrùn.