Níbo ni ₦200 lọ? Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú fífi àwòrán atẹ̀léra sọ ìtàn ìṣirò

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ìṣirò ló ń gbé ẹ̀kọ́ sórí Instagram báyìí gẹ́gẹ́ bí àwòrán atẹ̀léra, tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ìka tì láti abala kan sí òmíràn. Ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni mo fẹ́ tọ́ka sí. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni n ó sì lò: ìdí tí iye owó tí a fi ìdá 20 nínú 100 kún, tí a sì tún yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò nínú rẹ̀, kì í fi í padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìtàn náà kò gùn. Ìyá Rísì ń ta àǹkárá kan ní ₦5,000. Nígbà tí owó ọkọ̀ lọ sókè, ó fi 20% kún un, ó di ₦6,000. Ọjà kò yá, ló bá kéde pé òun ti yọ 20% kúrò, ó sì gbà pé aṣọ ti padà sí ₦5,000. Oníbàárà kan ṣírò tirẹ̀, ó ka ₦4,800 lé e lọ́wọ́, ó sì ní òun kò jẹ gbèsè kankan.

Àṣìṣe tí mo kọ́kọ́ máa ń rí ni pé olùkọ́ a kọ òfin sí abala kìíní, tí yóò fi jẹ́ pé ìtàn ti parí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí abala kìíní parí síbi tí oníbàárà ti san ₦4,800, kí ẹ sì bi akẹ́kọ̀ọ́ pé ta ló jàre. Ẹni tí ó bá ti dáhùn lọ́kàn ara rẹ̀ ni yóò fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú. Ẹ ṣọ́ abala kejì pẹ̀lú, nítorí pé òun ni Instagram máa ń gbé síwájú ẹni tí ó ti fo àkọ́kọ́ nígbà mìíràn. Bí ìdáhùn bá wà níbẹ̀, àṣírí ti tú.

Èkejì wà nínú iye tí a yàn. Ó dà bí ẹni pé ₦100 ni yóò rọrùn jù, àmọ́ òun gan-an ló ń da nǹkan rú: ìdá 20 nínú 100 nínú ₦100 jẹ́ ₦20, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní mọ̀ bóyá ìdá ni 20 tí ó ń wò tàbí náírà. Pẹ̀lú ₦5,000, ìdá náà ń jẹ́ 20%, owó náà ń jẹ́ ₦1,000, kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀kan pe èkejì.

Èyí tí ó burú jù ni kí a sáré kọjá ibi tí ìṣòro wà gan-an. Mo ti rí iṣẹ́ tí abala mẹ́ta wà fún ọjà àti aṣọ, tí gbogbo ìṣirò sì há sínú abala kan. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ yìí rọ̀ mọ́ ni: 20% ti kí ni? Nígbà tí owó ń lọ sókè, ti ₦5,000 ni, ìyẹn ₦1,000. Nígbà tí ó ń bọ̀ wálẹ̀, ti ₦6,000 ni, ìyẹn ₦1,200. Ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní abala tirẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ méjèèjì síra wọn nínú abala tí ó tẹ̀lé wọn, níbi tí ₦200 yóò ti hàn kedere.

Bí ẹ bá ya ọ̀pá láti fi iye owó hàn, ìwọ̀n kan náà ni kí ẹ lò jálẹ̀. Bí ọ̀pá ₦5,000 bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 5, ti ₦6,000 gbọ́dọ̀ jẹ́ 6, èyí tí a ó gé kúrò lórí rẹ̀ yóò sì jẹ́ 1.2. Bí ẹ bá ya èyí tí ẹ fi kún un àti èyí tí ẹ gé kúrò ní ọ̀gbọọgba kí àwòrán lè lẹ́wà, àwòrán ti ń ta ko ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì gba àwòrán gbọ́.

Ẹ má ṣe mú àpẹẹrẹ fóònù tàbí ìrẹsì wọlé láàárín, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀nà ìsọdipúpọ̀, tí 1.2 dúró fún fífi 20% kún un, tí 0.8 sì dúró fún yíyọ 20% kúrò, ìyẹn 1.2 × 0.8 = 0.96, dúró de ọjọ́ mìíràn, òótọ́ ni, àmọ́ ó ń bo ìbéèrè "ti kí ni?" mọ́lẹ̀.

Ní abala ìkẹyìn, dípò àkópọ̀, ẹ béèrè pé: bí Ìyá Rísì bá kọ́kọ́ yọ 20% kúrò nínú ₦5,000, kí ó tó fi 20% kún un, èló ni? Ẹni tí ó bá ní ₦5,000 ṣì wà níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ₦5,200 kò lóye, ó kàn há a sórí pé ₦200 ń sọnù ni, ó sì dorí rẹ̀ kodò. Ẹni tí ó bá rí ₦4,000, tí ó wá fi ₦800 kún un, ni yóò dé ₦4,800.