Bí a ṣe ń jẹ́ kí èlé bí èlé, àti ìdí tí ẹni tó tètè bẹ̀rẹ̀ fi ń borí ẹni tó ń fi owó ńlá pamọ́ nígbẹ̀yìn

Ẹ mú ìwé kan àti pẹ́ńsù, kí ẹ sì pín ojú ewé sí mẹ́ta: ọdún, owó tó wà nílẹ̀, àti èlé. Fóònù lè ṣe ìṣirò yìí kíákíá, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń yé ènìyàn.

Ká ní 100,000 náírà lẹ fi lélẹ̀, tí èlé sì jẹ́ ìdá 10 nínú 100 lọ́dún. Ní ọdún kìíní, èlé jẹ́ 10,000. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, 110,000 ni ọdún kejì yóò bá nílẹ̀, èlé yóò sì di 11,000. Ọdún kẹta yóò bá 121,000, èlé rẹ̀ yóò di 12,100. Ẹgbẹ̀rún kan náírà tó gorí èlé ọdún kejì kò ti ara owó tí ẹ fi síbẹ̀ wá. Èlé àkọ́kọ́ ló bí i.

Ẹ wá wo ènìyàn méjì. Àṣàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 25. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ó ń fi 100,000 náírà pamọ́, ó sì dáwọ́ dúró ní ọmọ ọdún 35, lẹ́yìn tí àpapọ̀ owó tó fi sílẹ̀, láìka èlé, ti pé mílíọ̀nù kan. Ọdún 35 yẹn ni Àjàní ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ń fi 150,000 sílẹ̀ lọ́dọọdún títí ó fi pé 60, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 3,750,000. Ní ìdá 10 nínú 100, Àṣàkẹ́ yóò ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 17.27 ní ọmọ ọdún 60, Àjàní yóò sì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.75. Ìdí rẹ̀ ni pé owó Àṣàkẹ́ ti tó nǹkan bíi 1,594,000 nígbà tó dáwọ́ dúró, èlé ọdún tó tẹ̀ lé e nìkan sì ju 159,000 lọ. Èlé lásán ti ju ohun tí Àjàní ń fi òógùn ojú rẹ̀ kó jọ.

Ibi èlé yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi owó sí báńkì fún ọdún mẹ́sàn-án, àmọ́ ọdọọdún ló ń fi èlé rẹ̀ kún owó àgbò Iléyá. Nígbà tó lọ kó owó náà, iye tó kó síbẹ̀ gẹ́lẹ́ ló bá. Ká ní Àṣàkẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọmọ ọdún 35, kódà bó bá kó gbogbo èlé náà sínú àpótí láìná kọ́bọ̀, kò ní ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.58 lọ ní ọmọ ọdún 60.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ mọ̀ pé èlé ń jò. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó sí báńkì fún àkókò kan pàtó, ẹ béèrè bóyá owó ìpilẹ̀ nìkan ni wọn yóò tún fi sílẹ̀ nígbà tí àkókò bá pé, tàbí òun pẹ̀lú èlé rẹ̀. Èkejì ni kí ẹ mú. Bọ́ǹdì ìfipamọ́ tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ń tà láti ọdún 2017 láti fi yá owó lọ́wọ́ aráàlú ń san èlé sínú àkáǹtì yín ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àkáǹtì tí ẹ ń ná yẹn ni èlé náà sì ń parẹ́ sí bí ẹ kò bá dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ fúnra yín. Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò kò ṣòro: bí ìdá èlé kò bá yí padà, tí ẹ kò sì fi owó kún un, èlé ọdún kejì gbọ́dọ̀ ju ti ọdún kìíní lọ. Bí méjèèjì bá dọ́gba, èlé kò bí èlé.

Àjọ dára fún kíkó owó kéékèèké jọ, ṣùgbọ́n kì í mú èlé wá, alájọ a sì tún yọ owó ọjọ́ kan nínú oṣù fún iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá kó àjọ ni mo máa ń gbé e lọ síbi tó ti ń mú èlé wá, kí n tó ya ọjà.

Ẹ má ṣe gba ìṣirò Àṣàkẹ́ láìbéèrè iye èlé. Bó bá jẹ́ ìdá 4 péré nínú 100, nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.2 ni yóò ní, Àjàní yóò sì ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 6.25, nítorí èlé tí kò tó nǹkan kì í lè bímọ tó láti bo owó tuntun tí Àjàní ń kó wọlé. Bí owó ọjà bá sì ń gòkè ju ìdá èlé lọ, iye owó yóò máa pọ̀ sí i nínú ìwé, nígbà tí ohun tó lè rà ń dín kù. Nítorí náà, mo máa ń fi ohun tí ọjà fi wọ́n sí i kún owó tí mò ń fi pamọ́ ní gbogbo oṣù kìíní ọdún, mo sì máa ń béèrè ìdá èlé tuntun kí n tó gbà kí wọ́n tún owó náà fi sílẹ̀.