Oyin, Ata Ilẹ̀ àti Ọsàn Wẹ́wẹ́ fún Ikọ́ Òru: Èyí Tó Ń Ṣiṣẹ́ àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

Ikọ́ tí ọ̀fìnkìn bá fà, òru ló ń yọni lẹ́nu jù. Bí ọmọ bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, ikun imú á máa ṣàn lọ sí ọ̀fun, ọ̀fun á máa yún un, ikọ́ á bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilé á sì jí.

Irú òru bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi dán oyin wò. Lọ́dún 2007, àwọn dókítà kan ní Pẹnsilféníà, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kó ọmọ 105 tó ń wúkọ́ jọ. Wọ́n fún àwọn kan ní oyin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìdajì wákàtí kí wọ́n tó sùn. Wọ́n fún àwọn kan ní oògùn ikọ́ olómi, wọn ò sì fún àwọn tó kù ní nǹkan kan. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn òbí ròyìn pé ikọ́ àwọn tó lá oyin ló rọlẹ̀ jù. Ti àwọn tó mu oògùn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò mu nǹkan. Lọ́dún 2018, wọ́n kó irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ 6 pọ̀, wọ́n sì rí i pé oyin sàn ju kí a má fún ọmọ ní nǹkan kan, títí di nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta. Oyin kì í lé àrùn lọ o. Ó ń mú kí ọ̀fun tutù ni, títí ara ọmọ á fi borí ọ̀fìnkìn fúnra rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún mẹ́rin tó ti ń wúkọ́ fún òru méjì. Ẹ fún un ní ìdajì ṣíbí tíì oyin, ní ìdajì wákàtí kó tó sùn. Ẹ jẹ́ kó máa lá a díẹ̀díẹ̀, ẹ má fi omi tì í lé e lójú ẹsẹ̀, torí fífà tó ń fà mọ́ ọ̀fun wà lára ohun tó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fọ eyín rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mọ́kànlá lè lá ṣíbí tíì kan, èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lè lá méjì.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tí ì pé ọdún kan, ẹ má fi oyin kan ètè rẹ̀ rárá. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le, torí oyin wà lára ohun tí a fi ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú oyin tó mọ́ rekete. Inú àgbàlagbà kì í jẹ́ kó hù, ṣùgbọ́n ó lè hù nínú ìfun ọmọ ọwọ́, kó sì máa tu májèlé tó ń sọ iṣan di aláìlágbára. Sísè ní ìkòkò kò pa á. Bí ìgbẹ́ ọmọ bá dí, tí ẹkún rẹ̀ di wẹ́ẹ́rẹ́, tí kò lè fa ọmú dáadáa, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ń já wálẹ̀ tàbí tí ọrùn rẹ̀ kò gbé orí mọ́, ilé ìwòsàn ni ká sáré gbé e lọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, kí ìyá, bàbá àti àwọn àgbà tọ́ oyin wò, kí wọ́n fi ṣàdúrà fún ọmọ.

Ata ilẹ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ ńkọ́? Ẹ̀rí tí a ní lára èèyàn pé wọ́n ń dá ikọ́ dúró kò tó nǹkan. Ohun mímu gbígbóná fúnra rẹ̀ ló ní ẹ̀rí díẹ̀: lọ́dún 2008, ní Kádíìfù ní ilẹ̀ Wélíìsì, àwọn 30 tó ní ọ̀fìnkìn mu omi èso. Èyí tó gbóná àti èyí tí kò gbóná ló mú ikọ́ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó gbóná nìkan ló mú ọ̀fun dídùn rọlẹ̀. Nítorí náà, ẹ ge ata ilẹ̀ tó tó àtàǹpàkò, ẹ sè é nínú ife omi méjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ dúró kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ àti oyin sí i. Bí ọ̀fun bá ti bó, ọsàn á ta á. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú lè rí i pé ata ilẹ̀ ń ta òun láyà.

Àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ kì í ṣe ti ọmọdé, ì báà jẹ́ ṣíbí kan.

Kí ẹ tó fún ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn ní oyin, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ nígbà tí kò sunkún, kí ẹ ka mímí rẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Bó bá tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, kì í ṣe oyin ló kàn, ó lè jẹ́ òtútù àyà. Fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 ni. Bí ikọ́ ọmọ tàbí àgbà bá pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife ní ilé ìwòsàn ìjọba. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò náà àti oògùn rẹ̀ ní Nàìjíríà.