Bí Mo Ṣe Yọ Watson Kúrò Nínú Ìtàn Sherlock Holmes

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ mọ ìdí tí a fi máa ń gba Sherlock Holmes, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé ìtàn, gbọ́. Ọkùnrin yìí á wo bàtà ẹnìkan, á sọ ibi tí onítọ̀hún ti ń bọ̀, àwa tí à ń kà á á sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹlòmíràn bá dúró lójúde tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó ní iṣẹ́ awo ló ń ṣe, tàbí kí a ní irọ́ ló ń pa. Nígbà tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tèmi lédè Yorùbá, mo ní màá kọ́kọ́ tú ọ̀kan nínú àwọn ìtàn Holmes palẹ̀, kí n rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Mo mú "Silver Blaze", tí Arthur Conan Doyle kọ, tó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 1892. Iṣẹ́ tí mo gbé fún ara mi ni pé kí n tún àwọn ibi tó ṣe kókó nínú rẹ̀ sọ ní Yorùbá lọ́nà méjì: láti ẹnu Watson, ọ̀rẹ́ Holmes, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà látilẹ̀, kí n sì tún un sọ láti ẹnu Holmes fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì kà á, báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe lọ. Ẹṣin eré kan, Silver Blaze, tí àwọn èèyàn ti ta tẹ́tẹ́ rẹpẹtẹ lé lórí, pòórá lóru nílé ẹṣin kan ní Dartmoor, pápá gbalasa kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá òkú John Straker, ẹni tó ń tọ́ ẹṣin náà, nínú pápá. Orí rẹ̀ ti fọ́, ojú ọgbẹ́ gígùn kan sì wà ní itan rẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì di aṣọ ọrùn onísílíkì mú lọ́wọ́ òsì. Àlejò kan tó wá ń yọjú nílé ẹṣin náà ní alẹ́ àná ló ni aṣọ ọrùn yìí, àwọn ọlọ́pàá sì ti gbé e. Ọmọ tó ń ṣọ́ ẹṣin sùn lọ fọnfọn, nítorí wọ́n ti bu oògùn oorun sínú oúnjẹ rẹ̀. Ní òpin ìtàn, a ó rí i pé Straker fúnra rẹ̀ ló mú ẹṣin náà jáde kí ó lè fi ọ̀bẹ ba iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nítorí owó, ẹṣin náà ló sì ta á nípàá tó fi kú.

Mo fa ìlà sí àárín ìwé kan. Ní apá kan mo kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ bó ṣe tẹ̀ léra lóòótọ́. Ní apá kejì mo kọ ìgbà tí òǹkàwé kọ́kọ́ gbọ́ nípa ìkọ̀ọ̀kan. Apá kejì yìí ló là mí lójú. Inú ọkọ̀ ojú irin ni Holmes àti Watson ṣì wà, wọn ò tíì dé Dartmoor, tí a ti gbọ́ pé ẹran àgùntàn tí wọ́n fi kọ́rì sè ni oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà, pé ajá kan wà nílé ẹṣin, àti pé àwọn ọmọkùnrin méjì tó sùn sókè àjà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́jú. Holmes ló ń sọ gbogbo rẹ̀ fún Watson, láìtẹ ohùn mọ́ èyíkéyìí. Nígbà tó bá wá lò wọ́n lẹ́yìn, a kò lè sọ pé ó fi nǹkan pamọ́ fún wa. A ti gbọ́ ọ, a kàn fò ó ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kọ́rì yẹn. Oògùn oorun tí wọ́n lò ní adùn tirẹ̀. Bí wọ́n bá bù ú sínú oúnjẹ tí kò ní èròjà púpọ̀, ẹni tó ń jẹ ẹ́ á mọ̀ lẹ́nu, á sì lè má jẹ ẹ́ mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi irú àti ata bo ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ fẹ́ẹ́ pọ̀ jù mọ ohun tí mò ń wí. Kọ́rì ló bo oògùn yẹn mọ́lẹ̀. Ìbéèrè tí Holmes wá bi ara rẹ̀ ni pé ta ló lè pàṣẹ pé kọ́rì ni kí wọ́n sè nínú ilé yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn? Àlejò tó kàn ń kọjá lọ kò lágbára lórí ìkòkò onílé, kò sì bọ́gbọ́n mu pé ó kàn bọ́ sí i pé alẹ́ tó gbé oògùn wá gan-an ni wọ́n se oúnjẹ tó lè bò ó. Bí a bá ti yọ àlejò kúrò, ó ku Straker àti ìyàwó rẹ̀. Kò sí ohun kan nínú ìrònú yìí tí ìyá ìdáná èyíkéyìí kò lè rò fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ̀ wá lára.

Ṣùgbọ́n ìrònú nìkan kò tó. Ibi tí mo fi bírò pupa yí ká nínú ìwé mi ni ibi tí Holmes ti lọ dán èrò rẹ̀ wò. Ó dojú bolẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níbi tí òkú ti ṣubú, ó sì yọ ìdajì igi ìṣáná tó ti jó jáde. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó wà níbẹ̀ ní kò yé òun bí òun ṣe fojú fò ó. Holmes dá a lóhùn pé ẹrẹ̀ ti bò ó, pé nítorí pé òun ń wá a lòun ṣe rí i. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ọgbọ́n ọkùnrin náà. Ó ti rò ó pé bí Straker bá fẹ́ dá ẹsẹ̀ ẹṣin lọ́gbẹ́ tínńtín lóru, ó gbọ́dọ̀ tan iná. Bí ó bá tan iná, ìṣáná gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀. Ó wá lọ wò ó. Bákan náà ló rò ó pé iṣẹ́ ọwọ́ tó gbẹgẹ́ báyẹn, èèyàn á ti kọ́kọ́ fi nǹkan mìíràn ṣe ìdánrawò. Àwọn àgùntàn ń jẹ̀ nítòsí, ló bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń tọ́jú wọn bóyá nǹkan ti ṣe wọ́n. Ọmọ náà ní mẹ́ta nínú wọn ti ń tiro láìpẹ́ yìí. Holmes fúnra rẹ̀ gbà fún Watson pé àfojúsùn jíjìn gbáà ni. Ó ṣeé ṣe kí àgùntàn kankan má tiro, kí èrò rẹ̀ sì dòfo. Ohun tó lè já sí òfo tí kò já sí òfo ló ń mú wa gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ gbọ́. Ẹni tí kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó kàn ń kéde, aláfọ̀ṣẹ ni irú wọn.

Ilé ìwòsàn ni Doyle ti rí irú ìwà yìí. Ó kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Edinburgh lábẹ́ Joseph Bell, ẹni tó máa ń wo aláìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tí á sì sọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe àti ibi tó ti ń bọ̀. Aláìsàn wà níbẹ̀ láti dáhùn bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Mo wá bọ́ sórí títún un kọ. Ti Watson kò ni mí lára. Ní ibi ọ̀rọ̀ ajá, Holmes sọ fún ọ̀gá ọlọ́pàá pé kí ó fiyè sí ohun àrà tí ajá ṣe lóru. Ọ̀gá ní ajá ò ṣe nǹkan kan lóru. Holmes ní ohun àrà náà gan-an nìyẹn. Watson kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa bó ṣe gbọ́ ọ, ó sì kọjá lọ. A ní ẹ̀rí lọ́wọ́, a mọ̀ pé ẹ̀rí ni, síbẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ kò tíì yé wa.

Nígbà tí mo gbé e sẹ́nu Holmes, ohun tó jáde nìyí: "Mo rántí ajá. Ẹnìkan wọlé, ó mú ẹṣin jáde, ajá ò sì gbó débi tí àwọn tó wà lókè àjà á fi jí. Ẹni tí ajá mọ̀ dáadáa ni." Ìtàn tán síbẹ̀, nígbà tí ojú ìwé púpọ̀ ṣì kù. Mo gbìyànjú ọ̀nà mìíràn: "Ọ̀rọ̀ ajá yìí mú èrò kan wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dúró ná." Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Inú orí Holmes ni òǹkàwé jókòó sí, ẹni tí a sì gbà wọlé tán kò yẹ kí a tún máa ti yàrá kan mọ́ lójú. Bí mo bá wá ní kí Holmes má tètè ronú kan ajá rárá, a jẹ́ pé kì í ṣe Holmes mọ́.

Doyle náà bá ìṣòro yìí pàdé. Ní ọdún 1926 ó tẹ ìtàn méjì jáde tí Holmes fẹnu ara rẹ̀ sọ. Nínú ọ̀kan, èyí tó dá lórí ọmọ ogun kan tó sá pamọ́ nílé bàbá rẹ̀, Holmes ní òun ṣe àárò Watson, pé ìbéèrè àti ìyanu Watson ló ń sọ ọgbọ́n òun di ohun ńlá. Ó tún kédàárò pé nítorí pé òun lòun ń sọ ìtàn, òun ní láti ṣí ọwọ́ òun sílẹ̀ fún òǹkàwé, nígbà tó jẹ́ pé Watson lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ di ìparí.

Iṣẹ́ Watson kò mọ sórí fífi nǹkan pamọ́ o. Ọ̀bẹ ọwọ́ òkú yẹn, Holmes mú un, ó yí i sọ́tùn-ún sósì, ó sì ní iṣẹ́ Watson nìyí. Watson tó jẹ́ dókítà ló sọ pé ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ni, fún ẹni tí nǹkan funfun ti bo ẹyinjú rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìmọ̀ yìí sẹ́nu Holmes, ó kàn di nǹkan mìíràn tí amòyegbogbo mọ̀. Lẹ́nu dókítà, ẹ̀rí ni.

Ibi tí ìtàn náà ti yẹ̀ wà pẹ̀lú. Nínú ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ tó jáde ní 1924, Doyle gbà pé òun kò mọ òfin eré ẹṣin nígbà tí òun kọ ọ́, pé àwọn tó mọ̀ ọ́n sọ pé ẹ̀wọ̀n ló yẹ kí ìdajì àwọn tó wà nínú ìtàn náà wà. Mo kíyè sí i pé àṣìṣe náà kò kan kọ́rì, ajá tàbí ìṣáná. Òfin eré ẹṣin tí àwọn díẹ̀ mọ̀ ló kàn. Okùn ìrònú tí gbogbo òǹkàwé lè fọwọ́ ara wọn dì mú kò já.

Èyí ni mo gbé lọ sínú ìtàn tèmi. Nọ́ọ̀sì kan ló ń sọ ọ́, ó ń bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rìn. Òfin kan tí Ronald Knox, òun náà òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, là sílẹ̀ ní 1929 ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò: ọ̀rẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kò gbọ́dọ̀ fi èrò ọkàn rẹ̀ pamọ́ fún òǹkàwé, kí òye rẹ̀ sì kéré díẹ̀, díẹ̀ péré, sí ti òǹkàwé. Torí náà, nígbà tí wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù tí olè jà, tí onítọ̀hún ní láti ìrọ̀lẹ́ àná lòun ti pa jẹnẹrétọ̀, nọ́ọ̀sì náà gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá, sàlẹ́ńsà rẹ̀ sì jó o lọ́wọ́. Ó sọ fún wa pé ó jó òun, ó wá omi tútù, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ béèrè láti rí ọwọ́ náà. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó tan jẹnẹrétọ̀ yẹn fún wákàtí kan, ó pa á, ó wá jókòó tì í pẹ̀lú aago, ó ń fọwọ́ kàn án títí ó fi tutù, kí ó lè mọ iye àkókò tó gbà.