Kápṣọ̀n ìkéde ìjọba: àwọn àṣìṣe tó ń ṣi ará ìlú lọ́nà

Ẹ má kọ “lọ́la” sínú kápṣọ̀n ìkéde. Ẹni tó kọ ọ́ mọ ọjọ́ tóun ń sọ, àmọ́ kó tó ṣẹ́jú ẹnì kan ti gé e ní skírínṣọ́ọ̀tì, ó ti jù ú sínú gúrúùpù Wọ́sáàpù, ọjọ́ tí wọ́n fi síta ò sì bá a lọ, ni ọ̀la yẹn bá ń yí lójoojúmọ́, ẹni tó rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta náà á lọ pọn omi pa mọ́.

Ẹ wo irú èyí tí mò ń sọ:

“Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé omi ò ní wá lọ́la ní àwọn àdúgbò kan títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara dà á!!!”

Inú ta ló ń dùn nígbà tí omi ò wá? Àdúgbò wo? Iṣẹ́ wo, ìgbà wo ló máa parí? Gbogbo nǹkan téèyàn fẹ́ mọ̀ ni ò sí ńbẹ̀. Èmi ì bá kọ ọ́ báyìí:

“Omi ẹ̀rọ kò ní wá ní Òpópónà Kìíní àti Òpópónà Kejì láti aago 8 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́, Ọjọ́rú, 14 Oṣù Kẹwàá 2026. Ìdí: a fẹ́ pààrọ̀ páìpù. Kò kan àwọn òpópónà tó kù.”

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn làwọn èèyàn máa ń gbàgbé, bẹ́ẹ̀ òun ló ń dín ìpè kù ní ófíìsì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló ní wàhálà jù. 03/04, ẹlòmíì á kà á sí ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin, ẹlòmíì á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni, nítorí náà ẹ fi ọ̀rọ̀ kọ orúkọ oṣù. “Aago 12 òru Ọjọ́rú” náà ò dájú, ṣé òru tó mọ́ Ọjọ́rú ni àbí èyí tó mọ́ Ọjọ́bọ̀? Ẹ kọ 11:59 alẹ́ kẹ́ ẹ sì dárúkọ ọjọ́ ẹ̀. “Láàárín ọjọ́ márùn-ún” sì tún burú, torí Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn, àwọn míì kì í kà á, àwọn òṣìṣẹ́ sì lè yọ Àbámẹ́ta àti Àìkú kúrò. Ẹ sọ ọjọ́ tó máa parí gan-an, kẹ́ ẹ fi “ọjọ́ náà wà nínú ẹ̀” kún un.

Ẹ má kọ “ẹ lè mú káàdì ìdánimọ̀ wá” tó bá jẹ́ pé wọn ò ní dá ẹni tí ò mú un wá lóhùn, “ẹ gbọ́dọ̀” lẹ máa kọ. Ẹ má dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi níbẹ̀ o, “àwọn bàsèjẹ́ ló fọ́ páìpù” kì í ṣe iṣẹ́ kápṣọ̀n, pàápàá tí ìwádìí ò tíì parí.

Tí àkókò bá wá yí, ẹ má kàn yọ́ lọ ṣàtúnṣe sínú tàtijọ́, torí skírínṣọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ ṣì ń rìn kiri. Ẹ gbé tuntun jáde, kó bẹ̀rẹ̀ báyìí: “Èyí rọ́pò ìkéde ọjọ́ 12 Oṣù Kẹwàá 2026.”