Bí mo ṣe se ìdajì àpò ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù nínú ìkòkò kan: ọ̀rọ̀ omi, iná àti àkókò

Ẹni tó bá ti mọ ìrẹsì kílò kan sè dáadáa nílé lè rò pé kí òun kàn fi ohun gbogbo lọ́nà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tí wọ́n bá gbé kílò 25 síwájú òun. Iyọ̀ gba irú ìṣirò yẹn. Omi kò gbà á, òróró kò gbà á, àkókò kò sì gbà á rárá. Ibi tí ìrẹsì òde àríyá ti ń di tùwó lókè, tó sì ń jó nísàlẹ̀, nìyẹn.

Ìkòkò méjèèjì ni kí a kọ́kọ́ wò. Ẹnu ìkòkò ilé mi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 24. Ti ìkòkò àsè tí mo lò fẹ̀ tó 60, ìyẹn ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Tí a bá wá wo gbogbo ojú ìdí ìkòkò tí iná ń kàn, ti ńlá jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà àti díẹ̀ ti kékeré. Ṣùgbọ́n ìrẹsì tí mo fẹ́ dà sínú rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 25. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹrù tó wà lórí ìdí ìkòkò ńlá, níbi kan náà, fi ìlọ́po mẹ́rin wúwo ju ti ilé lọ. Nínú ìkòkò ilé, ìrẹsì tó jinná kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà méje lọ. Nínú ti àsè, ó sún mọ́ 27. Iná ní láti gba inú gbogbo jíjìn yẹn kó tó dé òkè, bẹ́ẹ̀ ni ojú tí ooru omi ń gbà jáde kò pọ̀ tó bí ìrẹsì ṣe pọ̀ tó. Ohun méjì yìí ló yí gbogbo iṣẹ́ padà.

Orí ata ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ata lílọ̀ lítà 20 ni mo lò: tàtàṣé ló pọ̀ jù níbẹ̀, tòmátì tẹ̀ lé e, ata rodo àti àlùbọ́sà sì wà pẹ̀lú wọn. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo pé kó gbẹ, yóò fi wákàtí ṣòfò, nítorí omi inú ata kì í jáde láti ibòmíràn àyàfi ojú rẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ bá sì ti ń ki, yóò máa lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò nígbà tí òkè ṣì ń ṣàn. Mo da ata náà sínú aṣọ funfun mímọ́, mo so ó kọ́ sórí igi lórí bàsíà kan títí omi bíi lítà mẹ́fà fi ro jáde. N kò da omi yẹn nù. Inú omi ẹran ni mo dà á sí, torí adùn ata ṣì wà nínú rẹ̀. Ata kíki tó kù ni mo pín sínú ìkòkò méjì tó fẹjú, tí mo fi dín in.

Nílé, òróró mílílítà 250 ni mo máa ń lò fún kílò kan. Lọ́nà 25, ìyẹn á ju lítà mẹ́fà lọ. Gálọ̀n kan, lítà mẹ́rin, ni mo lò, ó sì tó. Iṣẹ́ òróró níbẹ̀rẹ̀ ni kó bo ìdí ìkòkò kí àlùbọ́sà àti ata lè dín, ìdí ìkòkò kò sì pọ̀ tó bí ìrẹsì ṣe pọ̀ tó. Bí òróró bá pọ̀ jù, orí ìrẹsì ni yóò léfòó sí lẹ́yìn tó bá jinná. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 50, òróró ti yọ lójú ata, gbogbo rẹ̀ sì ti dín kù sí lítà 12. Ata kílò kan ìrẹsì kì í ju 20 ìṣẹ́jú lọ nílé.

Ibi tó kàn ni mo kà sí pàtàkì jù lọ: kí a bọ̀ ìrẹsì kó tó dé inú ata. Àwọn kan máa ń fò ó nílé, kì í sì í fa wàhálà. Nínú ìkòkò ńlá, kò ṣeé fò. Bí ìrẹsì bá wà nínú omi púpọ̀, omi náà ń yí kiri, ó ń gbé gbígbóná láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbogbo hóró á sì rí iná dọ́gba. Bó bá ti wọnú ata kíki, kò sí ohun tó ń yí mọ́. Nítorí náà, iye ìjinná tí a bá lè rí gbà nínú omi, ká gbà á níbẹ̀. Mo pín kílò 25 náà sọ́nà mẹ́ta, mo bọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ lẹ́yìn tí omi bá ti padà hó. Ohun tó mú kí n pín in ni sísẹ́. Tí a bá da gbogbo rẹ̀ sínú ajere lẹ́ẹ̀kan, kó tó ro tán, ti àárín á ti fi gbígbóná ara rẹ̀ jinná kọjá bó ṣe yẹ. Omi tútù ni mo dà lé ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí lójú ẹsẹ̀ kó lè dúró síbi tó dé.

Lẹ́yìn tó ro tán, mo gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kílò 25 ti di 40. Ó túmọ̀ sí pé ìrẹsì náà ti mu omi lítà 15. Ìṣirò omi wá rọrùn láti ibẹ̀. Irú ìrẹsì yìí, kílò kan rẹ̀ máa ń mu bíi lítà kan àti ààbọ̀ kó tó jinná dáadáa, nítorí náà 25 yóò mu 37 àti ààbọ̀. Yọ 15 tó ti mu, ó ku 22 àti ààbọ̀. Mo fi bíi mẹ́ta àti ààbọ̀ kún un fún èyí tí yóò bá ooru lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 26. Ata díndín lítà 12 tí mo ní, bí ìdajì rẹ̀ ni omi, nítorí náà omi ẹran lítà 20 péré ni mo dà sí i.

Ẹ wò ó bí a bá fi ti ilé ṣe é. Nílé, lítà méjì ni mo máa ń lò fún kílò kan tí n kò bọ̀: lítà kan àti ààbọ̀ fún ìrẹsì, ìdajì lítà fún èyí tó ń bá ooru jáde. Lọ́nà 25, lítà 12 àti ààbọ̀ la ó fún ooru nìkan, bẹ́ẹ̀ ẹnu ìkòkò ńlá tí a dé pinpin kò lè mú ìdá mẹ́ta ìyẹn jáde. Èyí tó kù á padà sára ìrẹsì, ìrẹsì á sì di tùwó.

Igi ni mo fi dáná, ìkòkò náà sì jẹ́ èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń jó gẹ́gẹ́ bí ahọ́n iná bá ṣe kàn án, ojú kan á dúdú, ojú kejì á wà ní tútù. Mo jẹ́ kí ata àti omi ẹran hó yaya, mo tọ́ iyọ̀ wò, lẹ́yìn náà ni mo da ìrẹsì sí i. Mo rò ó dé ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Omi ga ju ìrẹsì lọ bí ìnípọn ìka kan. Mo fi fóìlì bò ó kí n tó fi ọmọrí dé e. Ọ̀rá làwọn mìíràn ń lò. N kì í fi ọ̀rá bo oúnjẹ gbígbóná.

Fún bí ìṣẹ́jú 15, iná wà níwọ̀ntúnwọ̀nsì títí n kò fi rí omi lójú ìrẹsì mọ́. Ìgbà yẹn gan-an ni mo fa gbogbo igi kúrò, tí mo fi ẹ̀yinná nìkan sílẹ̀, tí mo sì tẹ́ ẹ kiri kó má kóra jọ sábẹ́ àárín. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí òkè bá jinná kó tó fa igi, ìsàlẹ̀ ti jó kó tó débẹ̀. Etí la fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí omi ṣì wà nísàlẹ̀, ìkòkò máa ń dún kùtùkùtù, ìró rẹ̀ wúwo. Bó bá ti ń gbẹ, ìró náà á fúyẹ́, á máa ta páápáá bí ohun tó ń dín. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tún dín ẹ̀yinná kù.

Mo fi ìrù ọmọrogùn gún ìrẹsì dé ìdí níbi bíi méje, kí ooru lè rí ọ̀nà gòkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15 lórí ẹ̀yinná, mo yí i. N kò rò ó. Mo ki ọmọrogùn pẹlẹbẹ gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò lọ sísàlẹ̀, mo gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè, mo dojú rẹ̀ dé, mo sì ṣe bẹ́ẹ̀ yí ìkòkò ká. Rírò yípoyípo máa ń fọ́ hóró, ìrẹsì á sì máa lẹ̀ mọ́ra. Ìgbà kejì tí mo yí i, ìṣẹ́jú 12 lẹ́yìn ìyẹn, òkè ṣì le díẹ̀. Mo wọ́n omi ẹran gbígbóná lítà kan sójú rẹ̀, mo tún dé e. Omi tútù kò dára níbẹ̀, yóò mú òkè padà sẹ́yìn, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìsàlẹ̀ tí kò nílò rẹ̀.

Bí òórùn jíjó bá jáde, ẹ má fọwọ́ kan ìdí ìkòkò, ẹ má sì da omi sí i, torí omi ni yóò gbé òórùn náà káàkiri. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ kó ti òkè sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ fi ìnípọn ìka mẹ́ta sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo sọ ti èmi kalẹ̀ nígbà tí kò tíì jinná tán. Hóró tí mo mú láti àárín, ní jíjìn ìka mẹ́ta, nígbà tí mo fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, ojú funfun kan bí orí abẹ́rẹ́ ṣì wà láàárín rẹ̀. Ìkòkò ilé tí a bá sọ̀ báyìí á tutù kó tó jinná. Ti ńlá kì í tètè tutù. Nínú ìṣẹ́jú 25 tó fi wà ní dídé nílẹ̀, ojú funfun náà pòórá. Láti ìgbà tí ìrẹsì ti wọnú ata títí di ìgbà yìí, ó tó wákàtí kan àti 35 ìṣẹ́jú. Ti ilé máa ń tó ìṣẹ́jú 35 pẹ̀lú ìsinmi rẹ̀.

Àìtètè-tutù yìí kan náà ló ń ba oúnjẹ jẹ́ tí àsè bá parí. Ìrẹsì tó kù nínú ìkòkò ńlá á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, ìdí sì nìyẹn tó fi ń kan mọ́jú, bí ọmọrí tilẹ̀ wà lórí rẹ̀. Mo kó ìyókù sínú àwọn àwo fẹ̀ǹfẹ̀ tí kò jìn ju ìka mẹ́ta lọ, mo jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí n tó gbé e wọ fíríìjì.