Sóbò Mi Tó Korò Bí Ewúro, àti Bí Mo Ṣe Tún Un Ṣe

Ọjọ́ ìkómọ ọmọ àbúrò mi lojú tì mí. Èmi ni mo gbà pé màá pèsè sóbò, kẹ́ẹ̀gì lítà 10 kan ni mo sì gbé wá, ó kún dẹ́nu. Ó pupa, ó tutù, ara kẹ́ẹ̀gì ń làágùn. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ gbé kọ́ọ̀bù sẹ́nu. Wọ́n gbé e mì, wọ́n dákẹ́, wọ́n fi ahọ́n lá ètè wọn, wọ́n wá wò mí. "Ìyàwó, ṣé ewúro lo fi sè é ni?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, èmi náà fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ṣúgà tó wà nínú nǹkan yẹn lé ní kílò kan dáadáa.

Ṣúgà yẹn gan-an ló tàn mí jẹ. Nígbà tí mo tọ́ ọ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó fa ojú mi ro, mo ní ó kan jù, mo bu ṣúgà sí i. Mo tún tọ́ ọ wò, mo tún bu òmíràn. N kò dúró bi ara mi pé ṣé kíkan ló ń ṣe é ni àbí kíkorò. Sóbò gbọ́dọ̀ kan. Bí kò bá kan, omi pupa lásán ni. Ohun tó kan máa ń mú kí itọ́ sun jáde lẹ́nu, bí ẹ bá sì ti gbé e mì, ó ti lọ nìyẹn. Èyí tó korò ò ní lọ. Á jókòó sí ọ̀nà ọ̀fun, á sì máa fa ẹnu bí ìgbà téèyàn jẹ obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Ṣúgà máa ń pẹ̀tù sí kíkan. Ní ti kíkorò, orí rẹ̀ ló máa ń gùn: ẹ ó kọ́kọ́ mọ adùn, kíkorò á wá jí lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣe ìyá ọkọ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó, mo ka àwọn ohun tí mo ti ṣe. Inú omi tútù ni mo da sóbò sí, mo gbé e kaná, mo sì jẹ́ kó hó fún odidi wákàtí kan, torí mo rò pé bó bá ṣe pẹ́ lórí iná tó ni á ṣe lágbára tó. Ìkòkò àlúmíníọ̀mù ni mo lò, bẹ́ẹ̀ ohun tó kan máa ń jẹ ara àlúmíníọ̀mù, á sì fi ìtọ́wò irin sínú ohun mímu. Mo ju ẹ̀kúnwọ́ kànáfùrù kan sí i. Mo gé ọsàn mẹ́rin wẹ́wẹ́ tèèpotèèpo sí i, mo sì jẹ́ kó bá a hó, bẹ́ẹ̀ ara funfun tó wà lábẹ́ èèpo ọsàn yẹn korò fúnra rẹ̀. Èyí tó wá parí gbogbo rẹ̀, mo fi aṣọ fún sóbò náà, ọwọ́ méjèèjì, títí kò fi kán mọ́.

Mo mọ ibi tí mo ti kọ́ fífún yẹn. Èkìtì ni ìyá mi, ọbẹ̀ ìṣápá ni wọ́n fi tọ́ wa. Ìṣápá yẹn náà sì ni sóbò, àfi pé funfun làwa ń fi sebẹ̀, pupa ni tàwọn Mọ́lá. Ewé sóbò là ń pè é lọ́jà, àmọ́ kì í ṣe ewé, kì í sì í ṣe òdòdó. Bí òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù, èèpo tó di ìdí òdòdó mú á wá nípọn, á bo kóró inú. Èèpo yẹn ni wọ́n ń bó, tí wọ́n ń sá gbẹ. Bí ìyá mi bá fẹ́ fi èyí funfun sebẹ̀ ẹ̀gúsí, wọ́n á kọ́kọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n á fún un, wọ́n á da omi rẹ̀ nù, kí kíkan rẹ̀ lè dínkù. Nínú ọbẹ̀, omi là ń dà nù. Nínú sóbò, omi là ń mu. Ọwọ́ ọbẹ̀ ni mo fi ṣe ohun mímu.

Mo padà lọ sí ọjà Bódìjà n'Ìbàdàn lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Èyí tí mo kọ́kọ́ rà tẹ́lẹ̀ ti dúdú díẹ̀, ó sì ti ń rún bí ewé gbígbẹ, n kò kà á sí. Lọ́tẹ̀ yìí mo mú èyí tó pupa rokoṣo, tó ṣì jẹ́ odidi, tó máa ń tẹ̀ díẹ̀ kó tó ṣẹ́, tí n kò sì rí erùpẹ̀ púpọ̀ nísàlẹ̀ àpò rẹ̀.

N kò sáré sè é. Mo gbé òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn fúláwà jáde, mo wọn gíráàmù 20 lọ́nà mẹ́ta, mìlílítà 600 omi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní, mo sè é fún ìṣẹ́jú 40, mo sì ń fi omi rọ́pò èyí tó ń gbẹ. Èkejì, mo da omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó lé e, mo dé e, ó lo ìṣẹ́jú 20. Ẹ̀kẹta, omi tútù ni, inú fíríìjì ló sì sùn mọ́jú. N kò fi ṣúgà tàbí ata ilẹ̀ sí ìkankan, torí ara sóbò fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́.

Èyí tí mo sè yẹn dúdú ju àwọn yòókù lọ, ó sì ń fa ẹnu. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àbúrò ti ọjọ́ ìkómọ ni. Èyí tí mo fi omi gbígbóná rẹ kan dáadáa, àmọ́ bí mo ti gbé e mì, ẹnu mi mọ́. Ti omi tútù ló dùn ún mu jù, kíkan rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ó ṣàn, á fẹ́ sóbò púpọ̀ sí i. Ohun mìíràn sì wà tí n kò fi mú un: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń sá nǹkan wọ̀nyí sí, ewúrẹ́ ń kọjá, eruku ń fẹ́. Ohun tí màá gbé fún àlejò, mo fẹ́ kí omi gbígbóná kàn án.

Mo wá kó sóbò tí mo sẹ́ kúrò nínú èkejì, ìyẹn èyí tó mọ́ lẹ́nu yẹn, mo fún un sínú kọ́ọ̀bù lọ́tọ̀. Ohun tó jáde kò ju ṣíbí mẹ́rin márùn-ún lọ. Ó ki, ó rú, mo sì fi ahọ́n kàn án: ẹnu mi gbẹ táútáú. Ṣíbí márùn-ún yẹn ni mo máa ń fi ọwọ́ ara mi dà padà sínú ìkòkò.

Bí mo ṣe wá ṣe é nìyí, fún lítà 3 omi. Gíráàmù 100 sóbò ni mo wọ̀n, ó kún abọ́ ọbẹ̀ kan. Mo ṣa igi àti òkúta kúrò, mo fi omi tútù ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, kíákíá. Ẹ má rẹ ẹ́ síbẹ̀ o, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ti ń jáde, kíkan ń bá a lọ. Mo gbé omi kaná nínú ìkòkò tánganran. Mo gún ata ilẹ̀ gíráàmù 60, bí ìka ọwọ́ méjì, nínú odó kékeré, mo dà á sómi pẹ̀lú èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó kan tí mo ti fọ̀ dáadáa. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ iná, ìṣẹ́jú 15 ni mo fún wọn. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 5, mo ju kànáfùrù 6 sí i. Mo kà á. Kànáfùrù tó bá pọ̀ máa ń korò, ó sì máa ń mú kí ahọ́n kú, bí ìgbà tí wọ́n fi sí eyín tó ń dunni.

Mo pa iná. Ìgbà tí omi ti dẹ́kun híhó ni mo tó da sóbò sí i, mo fi orógùn tẹ̀ ẹ́ rì, mo dé e, mo sì fi fóònù ka ìṣẹ́jú 20. Mo fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo tún fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ, mo so aṣọ náà kọ́, mo yọwọ́. Ọwọ́ ń yún mi láti fún un. Mo fi í sílẹ̀ kó máa kán fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí kan, ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ ti rọlẹ̀ sí ìsàlẹ̀, mo rọra da òkè rẹ̀ sí abọ́ mìíràn.

Ṣúgà ló kù. Ohun tó tutù kì í dùn lẹ́nu tó ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, nítorí náà ẹni tó bá dá adùn rẹ̀ dúró nígbà tó ṣì gbóná, ọ̀la ni yóò mọ̀ pé kò tó. Mo da gíráàmù 150 sí i, mo bu ìdajì kọ́ọ̀bù sínú fírísà fún ìṣẹ́jú 10, mo tọ́ ọ wò. Kò tíì tó. Mo fi 50 sí i. Mo lọ ọ̀pẹ̀yìnbó tí mo bó lẹ́ẹ̀kan, mo sẹ́ omi rẹ̀ sí i, mo fi iyọ̀ bíńtín kún un, èyí tí ìka méjì lè mú. Iyọ̀ máa ń tẹ kíkorò díẹ̀ rì, ṣùgbọ́n kíkorò kékeré ni o. Mo dán an wò lórí ìyókù kẹ́ẹ̀gì ọjọ́ ìkómọ, mo fi omi là á, mo fi omi ọ̀pẹ̀yìnbó sí i, pàbó ló já sí. Mo dà á nù.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò wa, ní káún ni wọ́n fi ń tún tiwọn ṣe bó bá kan jù. Mo bu kọ́ọ̀bù kan, mo fi káún bí èékánná sí i níwájú wọn. Kíkan rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pupa yẹn yí di àlùkò tó ṣókùnkùn lójú wa, bí omi tí wọ́n fọ aṣọ aláró. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ẹ gbé e sọ́hùn-ún, ọmọ ò ní mu èyí."

Ìgò mẹ́fà ni mo gbé fún ìyá ọkọ mi. Wọ́n mu ìgò kan tán lórí ìjókòó, wọ́n ní ata ilẹ̀ rẹ̀ kò dun àwọn títí àwọn fi mu kọ́ọ̀bù kẹta, ìgbà yẹn ló tó máa jó ọ̀fun. Òótọ́ ni, gíráàmù 40 ni mo ń lò báyìí. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mu ìyókù láàárín ọjọ́ mẹ́ta, kí ó má sì kúrò nínú fíríìjì. Wọ́n tọ́jú ọ̀kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ọkọ mi. Nígbà tó débẹ̀ lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ikùn ìgò ti yọ síta, bó sì ti yí ọmọrí rẹ̀, ó dún ṣììì, ìfófòó pupa dà sí ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀.